OHUN TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN Ẹ̀FÀ, Ó JU ÈJE LỌ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ÈRÈ ARÁNṢỌ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń lò lójoojúmọ́ tí n kò rò pé a tíì yẹ̀ wò dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ni èrè. Bí a bá bi oníṣẹ́ ọwọ́ kan pé èló ni ó ń jẹ lérè lórí iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí yóò sọ fún wa ni pé, 'Iye tí mo tà á nìyí, iye tí mo fi ra ohun tí mo fi ṣe é nìyí. Ìyókù ni èrè mi.' Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìyókù kò tíì di èrè, àti pé ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì lè máa ṣiṣẹ́ àṣelàágùn kí ó sì máa rìn lọ sínú gbèsè. Ó tilẹ̀ lè ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa yékéyéké, n ó fi ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní Àlàní, kí a sì fi í sí ìlú Ìbàdàn, níbi tí aránṣọ ti lè lọ sí ọjà Gbági lọ ra aṣọ kí ó sì padà sí sọ́ọ̀bù rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Iye owó tí ẹ ó rí nínú ìtàn náà, èmi ni mo yàn wọ́n kí ìṣirò lè rọrùn. Owó ọjà ń lọ sókè sódò. Ẹni tí ó bá fẹ́, kí ó fi iye tí ó bá lọ́jà rọ́pò tèmi. Ọ̀nà ìṣirò náà kò ní yí padà.

Owó tí ó sọnù

Àlàní gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó gba sọ́ọ̀bù kékeré kan, ó ra máṣìn ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó sì gba ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo. Kò fẹ́ràn kí ó máa dúró de ẹni tí yóò gbé aṣọ wá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ra áńkárá ní Gbági, tí ó ń rán bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin sílẹ̀ fún títà. Aṣọ yáàdì mẹ́rin ni ó ń lò fún bùbá àti ṣòkòtò kan. Yáàdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦2,000, ó di ₦8,000. Òwú, bọ́tìnnì, gọ́ọ̀mù ọrùn bùbá àti okùn ṣòkòtò jẹ́ ₦1,000. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦9,000. Ó ń ta á ní ₦16,000. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi í, yóò dáhùn kíá pé ₦7,000 ni òun ń jẹ lérè lórí ìkọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù tí ọdún Iléyá bọ́ sí, ọwọ́ Àlàní dí. Ó rán 30, ó sì ta 30. Kò nílò ìwé láti mọ̀ pé 30 lọ́nà ₦7,000 jẹ́ ₦210,000. Ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe: yóò ra máṣìn kejì. Nígbà tí oṣù parí, ó tú àpótí owó rẹ̀, ó yọ owó tí yóò fi ra aṣọ mìíràn sọ́tọ̀, ó sì ka ìyókù. ₦34,000 ni ó bá níbẹ̀. Ó tún un kà. ₦34,000 náà ni.

₦176,000 ti lọ, kò sì mọ ibi tí ó gbà lọ. Àwọn méjì péré ni wọ́n ń dé ibi àpótí náà, òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀. Òun kò jí owó ara rẹ̀. Ta ni ó kù? Ó lu ọmọ náà lẹ́nu gbọ́rọ̀, ọmọ náà ń sunkún, ó ń búra. Àlàní ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ náà pé kí ó wá mú olè rẹ̀ lọ sílé.

Ìyá náà ń dín àkàrà ní ìkòríta kejì. Ó dé, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá ọmọ rẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i, ó sì gbọ́ ẹjọ́ náà títí dé òpin kí ó tó lanu.

'Ọ̀gá ọmọ mi,' ó ní, 'ẹ má bínú. Bí ọmọ mi bá jalè, n kò ní gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ẹnì kan lólè, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá owó náà sọnù.'

'Màmá, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. ₦210,000 ni èrè mi.'

'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Bí mo bá ra ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà àti òróró ní ₦10,000, tí mo sì ta àkàrà ₦16,000, ṣé ₦6,000 ni mo jẹ? Ẹni tí ó lọ ẹ̀wà fún mi ńkọ́? Igi tí mo fi dáná ńkọ́? Ọ̀rá tí mo ń di àkàrà sí ńkọ́? Bí mo bá ní ₦6,000 ni mo jẹ, tí mo wá bá ₦3,000 nínú igbá, ṣé ọmọ mi ni n ó mú lólè ni? Ẹ wá, kí a jọ ká a. Kí ni ẹ san lóṣù yìí yàtọ̀ sí owó aṣọ?'

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nìyí. Ọmọ náà ni ó mú bírò, nítorí òun ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́, òun ni ó sì rántí jù.

Ibi tí owó náà gbà lọ

Àlàní kò ní máṣìn wífìn, èyí tí ó ń di etí aṣọ kí ó má baà tú. Ó ń gbé e fún ẹni tí ó ní in, ₦500 lórí ìkọ̀ọ̀kan. Fún 30, ó di ₦15,000. Ọ̀rá tí ó ń kó aṣọ sí fún oníbàárà jẹ́ ₦100 lẹ́yọ, ó di ₦3,000. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó lọ sí Gbági, ₦3,000 ni owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú owó aláàárù, ó di ₦12,000. Jẹnẹrétọ̀ ń dún láti àárọ̀ di alẹ́, nítorí iná, fáànù àti áyọ́ọ̀nù. Epo ₦2,000 ni ó ń mu lóòjọ́, ọjọ́ iṣẹ́ sì jẹ́ 24, ó di ₦48,000. Oúnjẹ ọ̀sán ọmọṣẹ́ jẹ́ ₦500 lóòjọ́, ó di ₦12,000. Bẹ́líìtì máṣìn já, wọ́n sì tún inú rẹ̀ ṣe, ₦6,000. Ọjọ́ kan wà tí òògbé gbé Àlàní níbi tí ó ti ń gé aṣọ, ó gé apá bùbá kan kúrú. Ó ra yáàdì mẹ́rin mìíràn, ₦8,000.

Àròpọ̀ gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ₦104,000. Àlàní ti dákẹ́ nígbà yìí.

Ìyá náà tún béèrè bóyá gbogbo ẹni tí ó gba aṣọ ni ó san owó. Rárá, méjì gbà á láwìn, wọn yóò san án bí oṣù bá parí. Ìyẹn jẹ́ ₦32,000. Ó wá rọra béèrè pé, 'Ọ̀gá, kí ni ẹ̀yin fúnra yín ń jẹ?' Àlàní wolẹ̀. Inú àpótí náà ni ó ti ń yọ owó oúnjẹ, owó ìpè fóònù àti ₦5,000 tí ó fi ṣe àná àbúrò rẹ̀. Wọ́n fojú dá a sí ₦40,000.

₦104,000, ₦32,000 àti ₦40,000 jẹ́ ₦176,000. Owó náà pé pérépéré. Kò sí ẹni tí ó jí kọ́bọ̀. Àlàní bẹ ọmọ náà, ó sì bẹ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó yẹ kí a bi ara wa pé kí ni ó fà á tí Àlàní kò fi rí gbogbo èyí. Kì í ṣe òmùgọ̀. Owó aṣọ ni ó máa ń ná lẹ́ẹ̀kan, owó ńlá, tí yóò kà jáde lójú ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n owó epo ń jáde ní ₦2,000, owó oúnjẹ ní ₦500, owó ọ̀rá ní ₦100. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú àpótí kan náà ni owó tí ó wọlé àti owó tí ó ń jáde wà, kò sì sí àmì lára náírà tí yóò sọ fún ni pé ti epo nìyí, ti èrè nìyẹn. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Èyí tí kò hàn nínú àpótí

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, a lè rò pé èrè Àlàní jẹ́ ₦210,000 dín ₦104,000, èyí tí í ṣe ₦106,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àwọn ìnáwó kan wà tí kò jáde nínú àpótí lóṣù náà rárá, síbẹ̀ oṣù náà ni ó jẹ wọ́n.

Àkọ́kọ́ ni owó sọ́ọ̀bù. Àlàní ti san ₦120,000 fún ọdún kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó sì ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kọ̀ọ̀kan ń jẹ ₦10,000 nínú rẹ̀, onílé yóò sì tún dé. Èkejì ni máṣìn. ₦180,000 ni ó rà á. Bí ó bá retí pé yóò lò ó fún ọdún márùn-ún kí ó tó gbó, oṣù 60 nìyẹn, oṣù kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ ₦3,000 lára rẹ̀. Bí kò bá fi owó yìí pamọ́, ọjọ́ tí máṣìn bá kú ni yóò mọ̀ pé òun ti ń jẹ máṣìn náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí òun ń pè é ní èrè. Bí a bá yọ ₦13,000 wọ̀nyí, ó ku ₦93,000.

Ẹ̀kẹta ni ó ń fa àríyànjiyàn: iṣẹ́ ọwọ́ Àlàní fúnra rẹ̀. Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa wí pé, 'Ṣé òun kọ́ ni ó ni ara rẹ̀ ni? Ta ni yóò san owó iṣẹ́ fún?' Ìdáhùn mi ni pé kí a wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá ti sọ́ọ̀bù náà pa. Yóò gba ilé aránṣọ mìíràn lọ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́, wọn yóò sì máa san owó fún un lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá rán. Ẹ jẹ́ kí a ní ₦3,000 ni. Fún aṣọ 30, yóò gba ₦90,000, kò sì ní san owó sọ́ọ̀bù, kò ní ra epo, kò ní tọ́jú máṣìn, ẹnikẹ́ni kò sì ní jẹ ẹ́ ní gbèsè aṣọ. Ohun tí ó ń pàdánù nìyẹn nítorí pé ó dá sọ́ọ̀bù sílẹ̀. Sọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san án fún un kí a tó lè sọ pé sọ́ọ̀bù náà mú èrè wá. Inú ₦90,000 yìí ni ₦40,000 tí ó ti ná tẹ́lẹ̀ wà. A kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

₦93,000 dín ₦90,000 jẹ́ ₦3,000. Èrè Àlàní nìyẹn, ní oṣù tí ọjà tà jù lọ: ₦3,000 lórí aṣọ 30, tàbí ₦100 lórí aṣọ kan tí ó ń pe èrè rẹ̀ ní ₦7,000. Bí ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbà á láwìn kò bá san ₦16,000 tirẹ̀, èrè náà ti di àdánù ₦13,000.

Aṣọ ọgbọ̀n

Ìṣirò yìí kò tíì tán, nítorí pé oṣù Iléyá kì í ṣe oṣù gbogbo. Bí ọjà bá dúró, tí Àlàní sì ta 15 péré, ó lè rò pé èrè òun kàn dín sí ìdajì ni, pé 15 lọ́nà ₦7,000 jẹ́ ₦105,000. Kí a tó mọ òótọ́ rẹ̀, a gbọ́dọ̀ pín ìnáwó rẹ̀ sí ọ̀nà méjì.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni èyí tí ó ń tẹ̀ lé aṣọ. Bí kò bá sí aṣọ, kò sí òun náà. Wífìn ₦500, ọ̀rá ₦100 àti owó iṣẹ́ ọwọ́ ₦3,000 ni, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ ₦3,600. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦7,000, aṣọ kọ̀ọ̀kan mú ₦3,400 wá.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí ó ń tẹ̀ lé oṣù. Aṣọ ìbáà pọ̀, ìbáà kéré, yóò wáyé. Ó jẹ́ epo ₦48,000, owó ọkọ̀ ₦12,000, oúnjẹ ọmọṣẹ́ ₦12,000, owó sọ́ọ̀bù ₦10,000, àtúnṣe máṣìn ₦6,000, ìgbó máṣìn ₦3,000, àti ₦8,000 tí mo fi sílẹ̀ fún aṣọ tí ó bá bàjẹ́, nítorí kò sí oṣù tí nǹkan kan kì í bàjẹ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦99,000.

Nísinsìnyí, ẹ wò ó bí ẹni ń wo omi nínú ìkòkò. Oṣù bẹ̀rẹ̀, ìkòkò ṣófo dé ₦99,000. Aṣọ kọ̀ọ̀kan da ₦3,400 sí i. Nígbà tí Àlàní bá ta 29, ó ti da ₦98,600 sí i. Ó ku ₦400 kí ìkòkò kún. Aṣọ ọgbọ̀n ni ó kọ́kọ́ kún un, òun ni èrè àkọ́kọ́ sì ti ara rẹ̀ wá. Bí ó bá ta 15, ₦51,000 ni ó dà sí i, ó sì kù ₦48,000. Owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lóṣù náà jẹ́ ₦45,000. Kò lè fi gbogbo rẹ̀ dí ihò náà pàápàá. Ẹni tí ó ń pariwo pé òun jẹ èrè ₦105,000 ti ṣiṣẹ́ oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi ₦3,000 lé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ nínú èyí ni pé ìbéèrè náà, 'Èló ni o ń jẹ lórí aṣọ kan?', kò ní ìdáhùn bí a kò bá mọ iye aṣọ tí ó ń tà lóṣù. Aṣọ kan náà, owó kan náà, èrè ni nínú oṣù kan, àdánù ni nínú èkejì.

Ohun tí ó ṣe é ṣe

Àwọn kan yóò sọ pé kí Àlàní fi owó lé aṣọ. Ó dára bí ó bá ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n bí àwọn aránṣọ mẹ́ta tí wọ́n wà ní òpópónà náà bá ń tà á ní ₦16,000, oníbàárà kò ní bá a ká owó epo rẹ̀. Ibi tí agbára rẹ̀ dé jù lọ ni ìnáwó tí ń tẹ̀ lé oṣù. Máṣìn rẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́; kò nílò iná. Áyọ́ọ̀nù ni ó ń mu epo jù. Bí ó bá ń lo áyọ́ọ̀nù eléèédú, tí ó sì ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí a ní epo di ₦20,000 tí èédú sì jẹ́ ₦6,000, ó ti gba ₦22,000 là. Bí ó bá ń lọ sí Gbági ní ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù dípò ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó tún gba ₦6,000 là. ₦99,000 di ₦71,000. Kò fi kọ́bọ̀ lé aṣọ, síbẹ̀ aṣọ kọkànlélógún ni yóò kún ìkòkò dípò aṣọ ọgbọ̀n. Bí ó bá ta 30, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦31,000. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù eléèédú ní ewu tirẹ̀: ẹ̀ta iná kan tó láti jó bùbá kan, ìkọ̀ọ̀kan tí ó bá sì jó, ₦9,000 ni.

Ti owó sọ́ọ̀bù àti ti máṣìn, alájọ ni mo rò pé ó yẹ. Bí Àlàní bá ń dá ₦600 fún alájọ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 24, ó di ₦14,400. Alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò ku ₦13,800, èyí tí ó tó ₦13,000 tí a ń wá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé owó náà kò sí nínú àpótí mọ́ láti tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi ìṣirò yìí lò. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá wá ní oṣù tí ọwọ́ Àlàní dilẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ rán 10 ní ₦14,000, ṣé kí ó kọ̀ ọ́? Rárá. ₦9,000 ti aṣọ, ₦600 ti wífìn àti ọ̀rá, ₦3,000 ti ọwọ́ rẹ̀, ó jẹ́ ₦12,600. ₦1,400 kù lórí ìkọ̀ọ̀kan láti dà sínú ìkòkò, èyí sì sàn ju kí ó jókòó lọ. Ìsàlẹ̀ ₦12,600 ni ó ti ń fi lára owó ọwọ́ ara rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Iléyá, nígbà tí aṣọ ₦16,000 ń dúró dè é, àṣìṣe ni láti gba iṣẹ́ náà, nítorí yóò gba ọwọ́ tí ì bá fi rán èyí tí ó níye lórí jù. Ẹni tí ó bá sì fi ₦14,000 ṣe ìdíyelé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ti di ẹni tí yóò máa ṣiṣẹ́ fún onílé àti ẹlẹ́po.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní ìyá àwọn kò mọ̀wé, síbẹ̀ ó fi òwò kọ́lé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá alákàrà inú ìtàn yìí kò mọ̀wé bákan náà, òun sì ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé. Àlàní kọ́ bí a ti ń wọn àyà, bí a ti ń gé ọrùn bùbá, bí a ti ń tẹ máṣìn. Ní gbogbo ọdún tí ó fi kọ́ṣẹ́, kò sí ìgbà kan tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ kí ó rí ibi tí owó sọ́ọ̀bù ti ń wá. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kí ọ̀gá tó fún ọmọṣẹ́ ní òmìnira, kí ó fi ìnáwó oṣù kan hàn án, kí ó sì bi í pé aṣọ mélòó ni yóò kún un. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, bí ó tilẹ̀ lè rán agbádá.

Iṣẹ́ kan sì wà fún àwa tí a ń kọ́ èdè. Bí a bá ń pe ohun méjì ní orúkọ kan, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ènìyàn bá ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Mo dábàá pé kí a máa pe ohun tí ó kù lẹ́yìn owó aṣọ ní ìyókù, kí a sì fi èrè pamọ́ fún ohun tí ó bá kù lẹ́yìn tí sọ́ọ̀bù, epo, máṣìn, ìbàjẹ́ àti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ti gba tiwọn. Ẹni tí ó bá ní orúkọ tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá. Ṣùgbọ́n kí orúkọ náà jẹ́ méjì. Ohun tí Àlàní pè ní èrè lọ́jọ́ tí ó lu ọmọ ọlọ́mọ, ìyókù ni.